Bí a ṣe ń ka àlàyé ọ̀rọ̀ kan nínú díkíṣọ́nárì, láti ara ògiri Ìbarà dé inú ìwé ìrìnnà

Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kékeré kan wà tí ojú ará Abẹ́òkúta ń rí lójoojúmọ́. Wọ́n á fi ọ̀dà kọ ọ́ sára ògiri ilé ní Ìbarà, tàbí kí wọ́n so ó mọ́ fèrèsé ṣọ́ọ̀bù ní Kútọ̀: TO LET. Ẹni tó bá ṣí ìwé ìrìnnà Nàìjíríà yóò tún bá ọ̀rọ̀ yìí níbẹ̀, nínú gbólóhùn tí wọ́n fi ń bẹ àwọn aláṣẹ ilẹ̀ òkèèrè pé kí oníwèé kọjá "without let or hindrance". Bó bá sì jẹ́ Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ti 1611 ni wọ́n ń kà ní ṣọ́ọ̀ṣì yín, ó ń bẹ nínú 2 Tẹsalóníkà 2:7: "he who now letteth will let".

Ibi mẹ́ta ni, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ wọn kò pa pọ̀. Ti ara ògiri jẹ́ ti ilé tí wọ́n fẹ́ fi háyà. Ti ìwé ìrìnnà àti ti Bíbélì jẹ́ ìdènà. Ìtumọ̀ tí wọ́n sì kọ́ ọ̀pọ̀ wa nílé ìwé ni "jẹ́ kí", èyí tó dojú kọ ìdènà gan-an. Ẹni tó bá ṣí díkíṣọ́nárì tó sì mú ìtumọ̀ àkọ́kọ́ tí ojú rẹ̀ bá yóò ka ẹsẹ Bíbélì yẹn sódì, kò sì ní mọ̀ pé òun kà á sódì. Gbogbo ohun tó lè gbà á sílẹ̀ wà lójú ìwé kan náà, nínú àwọn lẹ́tà tíńtìntín tó fò kọjá. Ọ̀rọ̀ kan yìí la máa fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń kà wọ́n.

Bí àlàyé ọ̀rọ̀ náà ṣe máa ń rí nìyí. A ti kọ ìtumọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá kí ojú lè mọ́ àwọn ìkékúrú. Nínú ìwé tiyín, Gẹ̀ẹ́sì ni ìtumọ̀ náà yóò jẹ́.

```
let¹ /let/ v. (letting; past & p.p. let)
  1 v.t. jẹ́ kí; gbà kí nǹkan ṣẹlẹ̀
  2 v.t. (chiefly Brit.) fi ilé tàbí yàrá háyà
  [OE lǣtan]

let² /let/
  n. 1 (tẹníìsì) bọ́ọ̀lù tí a ó tún gbá
     2 (arch.) ìdènà
  v.t. (arch.) dènà
  PHR. without let or hindrance (fml)
  [OE lettan]
```

Kí ẹ tó wá ọ̀rọ̀ kankan

Ẹ kọ́kọ́ ṣí iwájú ìwé, kí A tó bẹ̀rẹ̀. Ojú ewé kan tàbí méjì wà níbẹ̀ tí wọ́n to gbogbo ìkékúrú ìwé náà sí pẹ̀lú ìtumọ̀ wọn. Ẹ fi bébà há ibẹ̀, nítorí ẹ óò padà síbẹ̀ léraléra. Díkíṣọ́nárì kì í lo ìkékúrú kan náà. Ohun tí ìwé kan kọ ní *sl.*, òmíràn lè kọ *slang* ní odidi. Èyí tí ìwé kan pè ní *inf.*, ẹlòmíràn á kọ *infml*. Ẹni tó bá kọ́ ìkékúrú ìwé kan sórí tó sì gbé e lọ sínú ìwé mìíràn lè ṣìnà, pàápàá lórí lẹ́tà ẹyọ kan bíi *a.*, tí àwọn kan fi ń dúró fún ọ̀rọ̀-àpèjúwe.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ wá ìhòòhò ọ̀rọ̀

Bí ẹ bá wá "letteth", ẹ lè má rí i. Orí ọ̀rọ̀ ni díkíṣọ́nárì ń tò, ìyẹn ọ̀rọ̀ kí wọ́n tó wọ̀ ọ́ láṣọ. Nítorí náà ẹ bọ́ aṣọ ìparí rẹ̀ kúrò. Nínú Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, "-eth" ni wọ́n ń fi sẹ́yìn ọ̀rọ̀-ìṣe nígbà tí olùwà bá jẹ́ ẹnìkan tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, níbi tí wọ́n ń fi "-s" sí lónìí. Ẹ yọ "eth", ó ku "lett". T méjì wà níbẹ̀, nítorí pé ọ̀rọ̀ kékeré tó parí sí kọ́ńsónáǹtì kan lẹ́yìn fáwẹ̀lì kan máa ń di onímejì kó tó gba àfikún. Ẹ yọ ọ̀kan, ó ku "let". Bẹ́ẹ̀ náà lẹ óò ṣe "letting". Àkámọ́ tó tẹ̀ lé orí ọ̀rọ̀ nínú àpẹẹrẹ wa wà fún ìdí yìí: ó ń sọ àwọn aṣọ tí ọ̀rọ̀ náà ń wọ̀ tí kò bá ìlànà gbogbogbòò mu. *Past* ni èyí tó ti kọjá, *p.p.* sì ni èyí tó máa ń tẹ̀ lé "has" tàbí "was". Ti "let" kì í yí padà rárá, òun ló fà á tí wọ́n fi ní láti kọ ọ́ síbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà kọ "letted".

Láti dé ojú ewé rẹ̀, ọ̀rọ̀ méjì tó wà lókè pátápátá ni kí ẹ wò, ìyẹn ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ àti ọ̀rọ̀ ìkẹyìn ojú ewé náà. Bí ẹ bá rí "lesson" àti "level", ẹ ti dé, nítorí S ṣáájú T, T sì ṣáájú V. Tó bá jẹ́ ìwé atúmọ̀ Yorùbá lẹ mú dání, ẹ rántí pé gbogbo E ló máa ń ṣáájú Ẹ, O ṣáájú Ọ, S ṣáájú Ṣ, àti pé lẹ́tà kan ni Gb, lẹ́yìn G ló ń jókòó. Ẹni tó ń wá "gbà" láàárín "ga" àti "gé" ń wá a níbi tí kò sí.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ wo nọ́ńbà kékeré tó gun orí

Ibí yìí ni wàhálà ti pọ̀ jù, ibẹ̀ náà la sì máa dúró sí pẹ́. Nọ́ńbà kékeré tó wà lókè ọ̀rọ̀, let¹ àti let², ń sọ fún yín pé ọ̀rọ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wà níbẹ̀, tó kàn jẹ́ pé kíkọ wọn jọ ara wọn.

Yorùbá tó ń kàwé kò ní pẹ́ lóye èyí, torí ohùn ló ń ṣe iṣẹ́ náà fún wa. Ẹ kọ "igba" láìfi àmì sí i, kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá igba owó ni, tàbí igbá tí a fi ń bu omi, tàbí ìgbà tí òjò ń rọ̀, tàbí ìgbá tí a ń jẹ. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan tó ní ìtumọ̀ mẹ́rin. Gẹ̀ẹ́sì kò ní àmì ohùn tí ì bá fi pín let méjèèjì níyà, ni àwọn tó ń ṣe díkíṣọ́nárì fi fún wọn ní nọ́ńbà.

Báwo la ṣe mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n? Ẹ wo inú àkámọ́ onígun tó wà nísàlẹ̀. *OE* ni ìkékúrú èdè Gẹ̀ẹ́sì ìgbà láéláé. Let¹ wá láti inú "lǣtan", tó jẹ mọ́ kí a fi nǹkan sílẹ̀ kó máa lọ. Let² wá láti inú "lettan", tó jẹ́ kí a dí ènìyàn lọ́nà. Ọ̀rọ̀ méjì tí ìró wọn yàtọ̀ nígbà náà ló wá di ìró kan náà nígbà tó yá. Let² bá "late" tan, èyí tó jẹ́ pípẹ́: ẹni tí wọ́n bá dènà á pẹ́ kó tó dé. Ẹni tó bá fẹ́ rántí èwo ni ìdènà nínú méjèèjì, ìyẹn á ràn án lọ́wọ́.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni pé òǹkàwé á ka let¹ títí dé òpin, kò ní rí ìtumọ̀ tó bá gbólóhùn rẹ̀ mu, á wá yan èyí tó sún mọ́ ọn díẹ̀. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Kí ẹ tó ka ìtumọ̀ kankan, ẹ fi ojú sáré wo ìsàlẹ̀ bóyá orí ọ̀rọ̀ mìíràn tó ní kíkọ kan náà tún wà. Nọ́ńbà 1 lókè ọ̀rọ̀ túmọ̀ sí pé 2 ń bọ̀, ó sì lè jẹ́ ojú ewé kejì ló wà.

Ẹ má sì da nọ́ńbà yìí pọ̀ mọ́ nọ́ńbà ńlá tó wà nínú àlàyé. Èyí tó gun orí ń pín ọ̀rọ̀ níyà. Èyí tó wà nísàlẹ̀ ń pín ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. "Jẹ́ kí" àti "fi háyà" bára tan lábẹ́ let¹: ẹni tó fi ilé háyà ti jẹ́ kí ẹlòmíràn máa gbé inú rẹ̀.

Ohun tó wà láàárín ìlà dídà méjì, /let/, ni pípè rẹ̀. Ẹ kọjá rẹ̀ fún ìsinsìnyí. Bó bá ti ju sílébù kan lọ, kí ẹ kàn mọ̀ pé àmì kékeré ˈ ń wà níwájú sílébù tí wọ́n ń pè líle.

Ìgbésẹ̀ kẹta: irú ọ̀rọ̀ wo ni?

*n.* ni ọ̀rọ̀-orúkọ. *v.* ni ọ̀rọ̀-ìṣe. *adj.* ni ọ̀rọ̀-àpèjúwe, *adv.* ọ̀rọ̀-àpọ́nlé, *prep.* ọ̀rọ̀ atọ́kùn, *conj.* ọ̀rọ̀ asopọ̀, *pron.* ọ̀rọ̀ arọ́pò-orúkọ. *PHR.* ni àkójọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa ń lò pọ̀. Mímọ̀ wọ́n lórí kò tó. Gbólóhùn tó wà níwájú yín ni kí ẹ fi yan èyí tí ẹ ń wá.

Ẹ wo ara ògiri. "To" ló ṣáájú "let", "to" yìí sì máa ń ṣáájú ọ̀rọ̀-ìṣe, nítorí náà abẹ́ *v.* lẹ óò wò. Ẹ wo ìwé ìrìnnà. "Without" ló ṣáájú, atọ́kùn sì ni. Ohun tí atọ́kùn ń tọ́ ni ọ̀rọ̀-orúkọ. "Hindrance" tí wọ́n so mọ́ ọn pẹ̀lú "or" tún jẹ́ ọ̀rọ̀-orúkọ, ohun tí wọ́n bá fi "or" so pọ̀ sì sábà máa ń jẹ́ irú kan náà. Ó ti di *n.* nìyẹn. Let¹ kò ní *n.* kankan nínú àlàyé tiwa, torí náà gbogbo rẹ̀ ti bọ́ kúrò lọ́nà láìjẹ́ pé ẹ ka ìtumọ̀ kan. Ohun tó wù wá nípa ìkékúrú lẹ́tà kan yìí nìyẹn: ó lè ti ìdajì àlàyé sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà.

Lẹ́tà *t* tó tẹ̀ lé *v.* ń sọ pé ọ̀rọ̀-ìṣe náà ń fẹ́ àbọ̀, ohun tí ìṣe náà bà lé. *v.i.* kò fẹ́. "Jẹ" ń fẹ́ àbọ̀, a ń jẹ nǹkan ni. "Sùn" kò fẹ́. Ẹnìkan lè béèrè pé níbo ni àbọ̀ wà nínú TO LET. Ilé tí wọ́n kọ ọ́ sí lára ni, òun ni wọ́n fẹ́ fi háyà.

Nínú àwọn díkíṣọ́nárì tí wọ́n ṣe fún akẹ́kọ̀ọ́, ẹ óò rí lẹ́tà ńlá nínú àkámọ́ onígun dípò èyí: [T] fún *v.t.*, [I] fún *v.i.* Fún ọ̀rọ̀-orúkọ, [C] ni èyí tó ṣeé kà ní ọ̀kan, méjì, mẹ́ta. [U] ni èyí tí kò ṣeé kà. Ẹ má fojú fo [U]. Ó ń sọ pé ẹ kò gbọdọ̀ fi "s" sẹ́yìn ọ̀rọ̀ náà, ẹ kò sì gbọdọ̀ fi "a" síwájú rẹ̀. "Information", "furniture" àti "equipment" ló ń gbé [U] wọ̀nyí, àwọn sì ni a máa ń rí "s" lẹ́yìn wọn lórí pátákó ọjà àti nínú lẹ́tà ọ́fíìsì.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: àmì tó ń sọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń gbé

Àmì ìlò ni *arch.*, *sl.*, *Brit.*, *fml* àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn. Wọn kì í sọ ìtumọ̀. Ìgbà tí wọ́n ń lo ọ̀rọ̀ náà, ilẹ̀ tí wọ́n ti ń lò ó, àti irú ẹni tí a lè sọ ọ́ fún ni wọ́n ń sọ.

Ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí àmì náà dúró sí, nítorí ohun tó tẹ̀ lé e nìkan ló ń bá wí. Bó bá ṣáájú nọ́ńbà 1, gbogbo ìtumọ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀ ló mú. Bó bá wà lẹ́yìn nọ́ńbà kan, ìtumọ̀ yẹn nìkan ni. Lábẹ́ let², *arch.* kò kan ti tẹníìsì. Wọ́n ṣì ń pe "let" ní pápá tẹníìsì lónìí nígbà tí bọ́ọ̀lù tí wọ́n kọ́kọ́ gbá bá fara kan àwọ̀n kó tó bọ́ sójú ibi tó yẹ, tí wọn á sì ní kí ẹni náà tún un gbá. Àwọ̀n dí bọ́ọ̀lù lọ́nà. Ìdènà àtijọ́ náà ló ṣẹ́ kù síbẹ̀. Ẹni tó bá rò pé gbogbo let² ti di àtijọ́ ka àmì náà kọjá ààlà rẹ̀.

*Arch.* túmọ̀ sí pé wọn kì í sọ ọ́ mọ́ nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, ṣùgbọ́n ẹ ṣì lè pàdé rẹ̀ nínú Bíbélì, ewì tàbí ìwé òfin. *Obs.* jìn jù bẹ́ẹ̀ lọ: ó ti kúrò lẹ́nu pátápátá, ìwé ògbólógbòó nìkan ló kù sí. *Dated* kò tíì tó *arch.*: àwọn àgbàlagbà ṣì ń sọ ọ́, àwọn ọmọ ìsinsìnyí ló fi í sílẹ̀. "Wireless" tí àwọn bàbá wa ń pè ní wáyálẹ̀sì wà níbẹ̀ nígbà tó bá dúró fún rédíò. *Hist.* yàtọ̀ sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọ̀rọ̀ náà ṣì yè, ohun tó ń tọ́ka sí ló ti kásẹ̀ nílẹ̀, bí owó ẹyọ tí gbogbo wa mọ orúkọ rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò sì ná mọ́.

*Inf.* ni ọ̀rọ̀ àárín ọ̀rẹ́ àti ará ilé. *Fml* ni òdìkejì rẹ̀, irú èyí tó wà nínú ìwé ìrìnnà. *Sl.* ni ọ̀rọ̀ ìgboro, ti ẹgbẹ́ kan tàbí ọjọ́ orí kan, tí kì í sábà pẹ́. "Wicked" jẹ́ *adj.* tó túmọ̀ sí ìkà. Ìtumọ̀ mìíràn wà lábẹ́ rẹ̀ tó ní *sl.* tàbí *inf.*: ohun tó dára gan-an. Bí ọmọ ìgboro Lọ́ńdọ̀nù bá fi ọ̀rọ̀ yìí yin oúnjẹ yín, kò bú yín. Ṣùgbọ́n bí akẹ́kọ̀ọ́ bá lò ó bẹ́ẹ̀ nínú lẹ́tà sí ọ̀gá ilé ìwé nínú ìdánwò WAEC, abẹ́ máàkì tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún bí ènìyàn ṣe ń lo èdè ni yóò ti pàdánù. Nínú 50 tí wọ́n ń fún àròkọ, 20 ni ti apá yẹn. *Derog.* ni ọ̀rọ̀ àbùkù. Ẹ mọ̀ ọ́n kí ẹ lè mọ̀ nígbà tí wọ́n bá fi bú yín, kí ẹ má sì fi pe ẹnikẹ́ni.

*Brit.* àti *US* ń sọ ilẹ̀ tí wọ́n ti ń lò ó. "Fi ilé háyà" lábẹ́ let¹ gbé *chiefly Brit.*, "chiefly" sì ni "pàápàá jù lọ". Lọ́wọ́ àwọn òyìnbó Bìrìtìkó ni a ti gba TO LET tó wà lára ògiri wa. Ní Amẹ́ríkà, FOR RENT ni wọ́n máa ń kọ. Àmì ilẹ̀ kì í ṣe àmì àṣìṣe. Ní oṣù kìíní 2020, díkíṣọ́nárì ńlá ti Ọ́sífọ́ọ̀dù fi ọ̀rọ̀ àti ìtumọ̀ 29 tó jẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì Nàìjíríà kún un, "danfo", "okada" àti "next tomorrow" wà lára wọn. Ohun tí àmì náà ń sọ ni pé ẹni tó bá sọ "next tomorrow" ní Kútọ̀, wọ́n á mọ̀ pé ọ̀túnla ló ń wí, tó bá sì sọ ọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, ó lè ní láti ṣàlàyé.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ dá ìtumọ̀ padà sínú gbólóhùn

Ẹ mú ìtumọ̀ tí ẹ yàn, kí ẹ fi rọ́pò ọ̀rọ̀ náà, kí ẹ sì ka gbólóhùn náà sókè. "Kí oníwèé kọjá láìsí jẹ́ kí" kò dún bí ọ̀rọ̀ ènìyàn. "Kí oníwèé kọjá láìsí ìdènà" dún bẹ́ẹ̀. Bí ó bá dún dáadáa ṣùgbọ́n tí ó tako ohun tó wà ṣáájú tàbí lẹ́yìn rẹ̀, ẹ kò tíì dé ibẹ̀. "Ẹni tó ń jẹ́ kí ó ṣẹlẹ̀ nísinsìnyí" lè dún létí, ṣùgbọ́n ẹsẹ yẹn ń bá a lọ pé títí a ó fi mú ẹni náà kúrò lọ́nà. Ẹni tó dí ọ̀nà ni wọ́n ń mú kúrò lọ́nà. Bíbélì Yorùbá náà sì lo "ìdènà" níbẹ̀, nítorí náà ẹni tó ní méjèèjì nílé lè fi ọ̀kan yẹ èkejì wò.

Ẹ tún dán an wò lórí "meat" nínú Jẹ́nẹ́sísì 1:29 ti Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì kan náà, níbi tí Ọlọ́run ti fún ènìyàn ní ewéko àti èso igi kí wọ́n jẹ́ "meat" fún un. Nọ́ńbà kékeré kankan lè má gun orí ọ̀rọ̀ náà. *N.* ni. Ìtumọ̀ 1 ni ẹran. Ẹ fi í rọ́pò, ewéko á di ẹran. Ẹ máa sọ̀ kalẹ̀ lọ títí ẹ ó fi kan *arch.*: oúnjẹ èyíkéyìí.

Bó bá jẹ́ pé fóònù lẹ fi ń wá ọ̀rọ̀, ìtumọ̀ kan tàbí méjì péré ló sábà ń kọ́kọ́ hàn, èyí tí wọ́n ń lò jù. Àwọn tó gbé *arch.* wà nísàlẹ̀, wọ́n sì lè fara pamọ́ títí ẹ ó fi tẹ ibi tí a ti ń ṣí ìyókù.